Ẹ kọ́kọ́ yà á sórí bébà kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá ṣí PowerPoint báyìí, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ fún yín ni `Click to add title`. Ẹ tẹ àkọlé tán, ẹ bọ́ sí ojú ewé kejì, ó tún ní `Click to add text`, ó sì ti to àmì róbótó dúdú sílẹ̀ dè yín. Kò bi yín pé ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kò bi yín pé kí lẹ fẹ́ kí wọ́n lọ ṣe tí wọ́n bá dìde lórí ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi kún àpótí ló ń wá, àwa náà á sì máa kún un lọ.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mówè, kò jìnnà sí títì màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. A ń bá èèyàn tẹ̀wé, a ń ṣe fọ́tòkópì, a sì ń bá wọn tún sílàìdì ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ á wá, ẹni tó fẹ́ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ̀rọ̀ owó á wá. Ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń sọ ni pé kí n bá àwọn jẹ́ kó rẹwà. Mo máa wò ó, màá rí i pé àwọ̀ kọ́ ló ń ṣe é. Sílàìdì kẹrin àti ìkọkànlá ń sọ nǹkan kan náà, sílàìdì kẹfà ò ní iṣẹ́ kankan, ohun tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ wá gan-an wà ní ìsàlẹ̀ sílàìdì kọkàndínlógún, nínú lẹ́tà wíńníwínní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fún wọn ní bébà kí n tó fún wọn ní àga.

Ohun tí a ń pè ní sítórìbọ́ọ̀dù ni mò ń wí. Àwọn tó ń ṣe fíìmù àwòrán ló mú un wá. Ní ilé iṣẹ́ Wọ́ọ̀tì Dísìnì ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn ayàwòrán máa ń ya ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí bébà kan, wọ́n á fi píìnì kan gbogbo rẹ̀ mọ́ pákó lára ògiri, wọ́n á dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á sọ ìtàn náà láti òkè dé ilẹ̀. Èyí tí kò bá báṣẹ́ mu, wọ́n á yọ píìnì rẹ̀. Kí ló fà á? Owó ni. Kí wọ́n tó ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tí yóò máa rìn, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìtàn náà dúró. Bébà kan tí wọ́n fà ya ò tó nǹkan.

Owó kọ́ lọ̀rọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni. Apá kan wà nínú ìrántí wa tó ń di nǹkan mú fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí a bá ń ronú lọ́wọ́. Onímọ̀ ìrònú kan, Nẹ́lìsìn Kóàànù, kó àwọn ìwádìí nípa rẹ̀ jọ ní ọdún 2001, ó sì fi hàn pé nǹkan bíi mẹ́rin péré ni apá náà lè dì mú lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, sílàìdì kan ló máa tóbi lójú yín, àwọn yòókù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi sítáǹbù. Ẹ ní láti fi ọpọlọ di ohun tó wà nínú àwọn yòókù mú, kí ẹ tún fi ọpọlọ kan náà ronú lórí bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, irú lẹ́tà wo, àwọ̀ wo, àti ibo ni fọ́tò máa wà. Mẹ́rin ti pé, ó ti lé. Ohun tó máa bọ́ sílẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra, torí òun nìkan ni kò sí lójú kọ̀ǹpútà. Lórí bébà, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà níwájú yín, ojú ló ń rí wọn, ọpọlọ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti gbé wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bébà náà. Ẹ mú bébà A4 kan. Ẹ ká a sí méjì, ẹ tún ká a sí méjì, ẹ ká a sí méjì lẹ́ẹ̀kẹta. Tí ẹ bá tú u, àpótí mẹ́jọ ló máa wà níbẹ̀, méjì ní ìbú, mẹ́rin ní òró. Ìbú àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10.5, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 7.4. Ibi tó ti dùn mọ́ mi nìyí: sílàìdì òde òní jẹ́ 16 sí 9, ìyẹn ni pé tí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 10.5, gíga rẹ̀ máa jẹ́ bíi 5.9. Ẹ fa ìlà kan lábẹ́ sẹ̀ǹtímítà kẹfà. Òkè ìlà ni sílàìdì yín, bó ṣe máa rí gan-an. Ìsàlẹ̀ ìlà, tó ṣẹ́ kù bíi sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀, ni ibi tí ẹ máa kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí, ọ̀rọ̀ tí ẹnu yín máa sọ nígbà tí sílàìdì yẹn bá wà lójú ògiri. Ẹ gé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè máa ṣípò.

Máákà ni kí ẹ fi yàwòrán sókè ìlà, ẹ má lo báírò. Báírò á gbà yín láyè láti kọ ìlà mẹ́wàá sínú àpótí, máákà ò ní gbà. Ìsàlẹ̀ ìlà ni báírò wà fún.

Ìṣirò kékeré kan tún wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ máákà yìí. Ká ní aṣọ funfun tí wọ́n máa tan iná purojẹ́kítọ̀ sí fẹ̀ tó mítà méjì, tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá sì jìnnà tó mítà 12. Ìjìnnà ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ìbú aṣọ náà. Tí ẹ bá di àpótí sẹ̀ǹtímítà 10.5 mú ní ìlọ́po mẹ́fà ìbú rẹ̀, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 63. Bí ọwọ́ àgbàlagbà ṣe ń gùn tó tó bá nà án tán nìyẹn. Nítorí náà, ẹ di bébà yẹn mú, ẹ na ọwọ́ yín. Bí ẹ ṣe ń rí i yẹn ni bàbá tó wà lẹ́yìn máa ṣe rí i. Ohun tí ẹ ò bá lè kà, òun náà ò ní lè kà á.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ kan tí a ṣe hàn yín, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ohun tí bébà ń ṣe tí kọ̀ǹpútà kì í ṣe.

Òṣìṣẹ́ ìlera kan wà tó ń gbé ní Ìbàfò. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹgbẹ́ àwọn lándílọ́ọ̀dù ní kó wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní mítìn-ìn wọn lọ́jọ́ Sátidé, lórí omi kànga, torí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe àwọn ọmọdé lójú títì wọn. Ọjọ́bọ̀ ló gbé fáìlì rẹ̀ wá bá mi, sílàìdì 23. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìtumọ̀ omi. Ìkejì jẹ́ bí òjò ṣe ń rọ̀ tí omi sì ń padà sójú ọ̀run. Ó ní orúkọ kòkòrò àìfojúrí mẹ́sàn-án. Ó ní ìtàn kànga. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀ o, gbogbo ẹ̀ pé.

Mo bi í pé, "Nọ́ọ̀sì, tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Álúhájì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ti já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Mọ́ńdè ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ sókáwéè tuntun, ẹ̀yìn fẹ́ǹsì tí kànga Ìyá Ṣadé wà ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ ẹ sí. Omi yẹn ni ilé mẹ́ta ń mu. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n."

Nínú sílàìdì 23 yẹn, kò sí ọ̀kan tó sọ èyí. Mo fún un ní àpótí kan, mo ní kó kọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn sábẹ́ ìlà, ká gbé e sí òpin tábìlì lápá ọ̀tún. Àpótí ìkẹyìn nìyẹn: "Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kànga tàbí sókáwéè lójú títì wa, ká kọ́kọ́ wọn bó ṣe jìnnà sí ti aládùúgbò." Ìkẹyìn ni a máa ń kọ ṣáájú. Tí òpin bá ti wà lórí tábìlì, gbogbo àpótí yòókù ní láti fi hàn pé ọ̀nà ibẹ̀ ni òun ń lọ. Ìtumọ̀ omi ò débẹ̀. Orúkọ kòkòrò mẹ́sàn-án ò débẹ̀.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbólóhùn. Gbólóhùn ni mo wí o, kì í ṣe àkọlé. "Sókáwéè àti kànga" kì í ṣe gbólóhùn, kò sọ nǹkan kan tí èèyàn lè gbà tàbí kó jiyàn rẹ̀. "Fẹ́ǹsì kì í dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró," gbólóhùn nìyẹn. Bó ṣe kọ ìyẹn ni àwòrán rẹ̀ wá fúnra rẹ̀: ilẹ̀ tí a gé láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi búrẹ́dì, sókáwéè lápá kan, kànga lápá kejì, fẹ́ǹsì láàárín wọn lókè ilẹ̀, ọfà sì ń gba abẹ́ fẹ́ǹsì kọjá. Ó yà á láàárín ìṣẹ́jú kan, àwòrán tí kò dára rárá. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwòrán tí kò dára kì í dun èèyàn láti sọ nù.

Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni ti mítà 30. Ọgbọ̀n mítà ni òdiwọ̀n tí àwọn tó ń ṣètò omi àti ìmọ́tótó máa ń tẹ̀ lé láàárín kòtò ìgbẹ́ àti ibi tí a ti ń pọn omi abẹ́ ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé omi inú kòtò ń rá pálá gba inú iyẹ̀pẹ̀ kọjá, iyẹ̀pẹ̀ ń sẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ kòkòrò á sì ti kú kó tó dé ọ̀nà jíjìn. Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ àpáta tó sán, omi á sáré gba ojú ibi tó sán, 30 ò ní tó níbẹ̀. Wọ́n tún ní kí ìsàlẹ̀ kòtò fi mítà kan àtààbọ̀ ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà lọ, èyí sì le ní àdúgbò Nọ́ọ̀sì, torí tí òjò bá ti dé, okùn fámifámi wọn á kúrú gan-an.

Àpótí kẹta àti ìkẹrin ti wà nìyẹn. Mo wá ní, "Báwo ni pulọ́ọ̀tì yín ṣe tóbi tó?" Ó ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ni èyí tó pọ̀ jù lójú títì náà rà. Pulọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 sí 60, ìyẹn mítà 18 àti díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. A ya onígun mẹ́rin náà sínú àpótí, a fa ìlà láti igun kan dé igun tó kọjú sí i. Ìlà tó gùn jù tó lè wà nínú ilẹ̀ náà nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù:

```
√(18.3² + 18.3²) ≈ 26
```

Mítà 26! Nọ́ọ̀sì wò mí. Ẹni tó ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, ì báà gbẹ́ kànga sí igun kan kó gbẹ́ sókáwéè sí igun kejì, kò lè rí 30 nínú ilẹ̀ tirẹ̀ láéláé, ká má tíì wá sọ ti aládùúgbò. Ọdún mẹ́fà ló fi ti ń sọ̀rọ̀ omi fáwọn èèyàn, kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí, èmi náà ò rí i rí. Ohun tó yọ ọ́ síta ni pé àpótí ń béèrè àwòrán, àwòrán sì ń béèrè ìwọ̀n. Ká ní kọ̀ǹpútà la jókòó sí ni, à bá kọ "Kànga gbọ́dọ̀ jìnnà sí sókáwéè", ká fi àmì róbótó síwájú rẹ̀, ká sì kọjá lọ.

Ó wá ku àpótí tó ṣe pàtàkì jù. Ó kọ sábẹ́ ìlà pé: "Lójú títì wa, kànga àti sókáwéè sún mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ." Mo ní kó ya àwòrán rẹ̀ sókè. Ó gbé máákà, ó tún gbé e sílẹ̀. Kò ní nǹkan tó fẹ́ yà, torí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n rí. Ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rí. Mo ní kó fi àmì ìbéèrè ńlá síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí àpótí òfìfo ń ṣe nìyẹn, mi ò sì mọ ohun mìíràn tó ń ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ó rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ bo ihò mọ́lẹ̀. Ẹ lè wá fọ́tò kànga kan lórí ẹ̀rọ ayélujára, kànga ibi tí ẹ ò dé rí, kó sì dà bíi pé ẹ̀rí wà níbẹ̀. Lórí bébà, ihò jẹ́ ihò. Ọjọ́bọ̀ la sì rí i, kì í ṣe Sátidé níwájú Álúhájì.

Ọjọ́ Ẹtì, Nọ́ọ̀sì mú téèpù bíríkìlà ẹlẹ́ni 30 mítà, òun àti ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Fẹ́ǹsì ò jẹ́ kí wọ́n lè na téèpù láti kòtò dé kànga tààrà, nítorí náà wọ́n ṣe é lọ́nà míì. Wọ́n fi etí títì ṣe ìlà àtìbẹ̀rẹ̀. Fún kànga tàbí sókáwéè kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọn bó ṣe jìnnà tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n tún wọn bó ṣe wọnú tó láti títì. Òǹkà méjì péré. Lálẹ́, wọ́n fi àmì sí i lórí ìwé gíráàfù, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà márùn-ún, wọ́n fi rúlà wọn ìlà tààrà láàárín àmì sí àmì. Ibi tí Álúhájì fẹ́ gbẹ́ sí kànga Ìyá Ṣadé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.2. Mítà 11.

Máàpù yẹn ló wọ inú àpótí òfìfo. Bó ṣe wọlé báyìí, Nọ́ọ̀sì kó gbogbo bébà náà sórí tábìlì, ó wò wọ́n, ó mú máàpù láti ipò karùn-ún, ó gbé e sí ipò àkọ́kọ́. Ó ní, "Bọ̀dá, tí wọ́n bá rí ilé ara wọn níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbọ́ ìyókù." Ìṣípò náà ò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ó wá ka gbólóhùn abẹ́ ìlà nìkan sókè ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, láì wo àwòrán kankan:

"Èyí ni títì wa, ẹ wo ibi tí kànga àti sókáwéè wà. Wọ́n sún mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Fẹ́ǹsì kì í dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró. Mítà 30 la nílò kí ilẹ̀ tó lè sẹ́ ẹ. Nínú ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, kò sẹ́ni tó lè dá rí 30. Torí náà, ká jọ wọ̀n ọ́n ká tó gbẹ́."

Ẹ kà á sókè bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Ibi tó bá ti ní "Ehn, báwo ló ṣe débẹ̀?", àpótí kan ló sọnù níbẹ̀. Ibi tó bá ti ní "O ti sọ ìyẹn," àpótí kan ló lé níbẹ̀. Ìyá mi ni mo sábà máa ń kà á fún, kì í fi nǹkan bò. Ti Nọ́ọ̀sì, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ bó ṣe ń kà á pé ibì kan fò: tí ilẹ̀ kò bá gbà wá láàyè, omi wo la fẹ́ máa mu ní báyìí? Ó kọ àpótí kan sí i, ìkòkò lórí iná: "Títí dìgbà náà, ẹ sè é kó hó yaya kí ẹ tó mu ún." Ó wá pé méje. Ó kọ ìṣẹ́jú sí igun ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì fún máàpù, méjì fún ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn yòókù. Mẹ́sàn-án, ó ku ọ̀kan fún àwọn tó máa pẹ́ dé.

Ìgbà yẹn la tó tan kọ̀ǹpútà. Iná ò sí, bátìrì ò kún, kò sì pa wá lára, torí iṣẹ́ tó kù kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. A fi fóònù ya máàpù náà ní fọ́tò, a tún àwòrán ilẹ̀ gígé yà dáadáa, gbólóhùn abẹ́ ìlà sì di àkọlé sílàìdì kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn, pé kí gbólóhùn di àkọlé kí àwòrán sì jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀, ẹ má fojú kékeré wò ó. Lọ́dún 2003, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Kòlọ́ńbíà ti Amẹ́ríkà ṣì wà lókè, fóòmù kan ti já lu ìyẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń gbéra. Àwọn ẹnjiníà to sílàìdì láti sọ fáwọn ọ̀gá bóyá ewu wà. Ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí lẹ́yìn náà gbé ọ̀kan nínú àwọn sílàìdì yẹn sínú ìjábọ̀ wọn. Àkọlé ńlá rẹ̀ fi àwọn tó ń kà á lọ́kàn balẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà kékeré, ló ti sọ pé fóòmù tó lu ọkọ̀ jẹ́ íǹṣì oníhà mẹ́ta 1920, nígbà tí èyí tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò tẹ́lẹ̀ jẹ́ 3. Ẹ pín in: ìlọ́po 640. Àyẹ̀wò náà kò lè sọ nǹkan kan fún wọn nípa fóòmù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà tú ká lójú ọ̀run ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, èèyàn méje ló wà nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé sílàìdì kan ló pa wọ́n, ìjábọ̀ náà ka ọ̀pọ̀ ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ká ní ẹnì kan gbé máákà, kó ya fóòmù kékeré kan àti ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àpótí, irú gbólóhùn wo ló máa kọ sábẹ́ rẹ̀?

Ní Ìbàfò, Álúhájì bínú ná. Ó ní ṣé ilé òun nìkan ni wọ́n rí. Nọ́ọ̀sì padà sórí máàpù, ó fi hàn án pé sókáwéè ilé Nọ́ọ̀sì gan-an kò ju mítà 14 lọ sí kànga ẹlòmíì. Ìyẹn pa á lẹ́nu mọ́, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé kòtò tuntun náà lọ sí igun iwájú, lápá kejì ilé. Ó jẹ́ mítà 23, kò pé 30, kò sì lè pé láéláé, ẹ ti rí ìṣirò. Ìyá Ṣadé ń se omi rẹ̀. Alága sì ní kí máàpù náà máa wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ wá wò ó.

Bébà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ o. Kò wúlò fún iye tó pọ̀. Tí ọ̀rọ̀ yín bá dúró lórí gíráàfù tó ní ọgọ́rùn-ún àmì, kọ̀ǹpútà ni kó kọ́kọ́ yà á, ẹ wá wo ohun tó ń sọ, kí ẹ tó kọ gbólóhùn rẹ̀ sórí àpótí. Tí ẹ bá fọwọ́ ya ìlà tó ń gòkè kí ẹ tó rí òǹkà, ọkàn yín ti dájọ́ nìyẹn. Ìjábọ̀ oṣooṣù tí àwọn ojú ewé rẹ̀ ò yí padà, tí ọ̀gá yín ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, kò nílò rẹ̀ náà, ẹ kàn fi òǹkà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Tí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá sì wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tẹ́ àpótí náà sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí wọn lórí WhatsApp, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí igun wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo yín á máa sọ "èyí tó wà lápá òsì yẹn" títí ilẹ̀ máa fi ṣú.

Ẹ má sì ju bébà náà nù. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan tí òun àti Nọ́ọ̀sì jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní kó fi sílàìdì náà ránṣẹ́, òun fẹ́ lò ó ní Ifọ̀. Nọ́ọ̀sì kó bébà méjèèje jáde, ó pín wọn sọ́nà méjì lórí tábìlì mi. Ọfà abẹ́ fẹ́ǹsì, mítà 30, àti ìkòkò orí iná lè lọ sí Ifọ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ti ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, ó ní kí ẹni yẹn kọ́kọ́ béèrè bí ilẹ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ṣe tóbi tó, kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Àwọn méjì tó jẹ́ ti títì, ó yí ojú wọn dé. Ó mú bébà funfun méjì, ó fa ìlà sí sẹ̀ǹtímítà kẹfà, ó kọ gbólóhùn sábẹ́ rẹ̀, ó fi àmì ìbéèrè ńlá sí òkè, ó sì ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni yẹn pè é lálẹ́ ọjọ́ náà pé òun rí i, ṣùgbọ́n níbo ni òun ti lè rí téèpù yá?